Lébẹ̀lì tí a tú kúrò lọ́rùn aṣọ ìyàwó

Ọjọ́ Sátidé kan ni, ní oṣù Kejìlá ọdún 2018, nílé àwọn ìyàwó kan ní Ìbàdàn. Aago mẹ́jọ àárọ̀ ti lù. Mo kúnlẹ̀ sẹ́yìn ìyàwó, mò ń fa okùn kọ́sẹ́ẹ̀tì tí mo fi aṣọ òkè pupa rán fún un, nígbà tí ìyá tó bí ìyá rẹ̀ wọlé wá wo bí a ṣe ń múra. Màmá náà ti lé ní ọgọ́rin ọdún, ṣùgbọ́n ojú wọn ṣì ń ríran. Wọ́n fọwọ́ pa aṣọ náà, wọ́n ní àlàárì ni àwọn ń pe irú àwọ̀ yẹn nígbà tí àwọn wà lọ́mọge. Lẹ́yìn náà ni wọ́n mú jákẹ́ẹ̀tì tó kù lórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n rí lébẹ̀lì tí mo rán sí inú ọrùn rẹ̀, wọ́n gbé e sún mọ́ ojú, wọ́n sì kà á sókè: "Oṣó."

Gbogbo yàrá dákẹ́. Màmá yíjú sí mi. "Ìwọ aránṣọ, oṣó ta lo kọ sí ọmọ mi lọ́rùn lọ́jọ́ ìgbéyàwó rẹ̀?"

Mo bẹ̀rẹ̀ sí ṣàlàyé. Mo ní, "Ẹ máà bínú, mà, Ọ̀ṣọ́ ni, ọ̀ṣọ́ bí ohun ọ̀ṣọ́, òun ni orúkọ ilé ìránṣọ mi." Wọ́n gbọ́ mi tán. Wọ́n ní ohun tí mo ń sọ yé àwọn, ṣùgbọ́n ohun tó wà lára aṣọ ni ojú àwọn rí, ojú àwọn kò rí ohun tó wà nínú ọkàn mi. N kò lè bá wọn jiyàn. O, S, O ni ẹ̀rọ hun sára lébẹ̀lì náà ní lẹ́tà gàdàgbà, kò sí àmì kan lókè, kò sí ẹyọ kan nísàlẹ̀. Mo yọ abẹ nínú àpò iṣẹ́ mi, mo tú lébẹ̀lì náà kúrò níwájú gbogbo wọn. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n. Ìyàwó ń sunkún díẹ̀díẹ̀, ẹni tó ń kùn ún lójú sì ń bẹ̀ ẹ́ pé kó má ba àtíkè jẹ́.

Ọdún mẹ́fà ni mo ti fi ń ránṣọ kí ọjọ́ yẹn tó dé. Aṣọ òkè tí wọ́n fọwọ́ hun ni mo yàn láàyò, mo máa ń gé e sí gáùn, jákẹ́ẹ̀tì àti síkẹ́ẹ̀tì fún ìyàwó tó fẹ́ wọ nǹkan mìíràn yàtọ̀ sí ìró àti bùbá lọ́jọ́ ìdána. Aṣọ òkè kì í ṣe aṣọ tí wọ́n ń gé bí àǹkárá. Tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n ń hun ún, ìbú rẹ̀ tó nǹkan bí ìnṣì mẹ́rin, kí wọ́n tó rán an pọ̀. Bí sísọ́ọ̀sì bá ti kàn án, etí rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí tú, àfi bí a bá ti fi áyọ́ọ̀nù lẹ gọ́ọ̀mù-sitéè mọ́ ọn lẹ́yìn. Ohun tó jẹ mọ́ gígé àti rírán wà lọ́wọ́ mi. Orúkọ ni n kò fún ní àkókò tó yẹ ẹ́. Alẹ́ ọjọ́ kan ṣoṣo ni mo fi yan Ọ̀ṣọ́, nítorí pé ó dùn létí mi, ó kúrú, ó sì bá ìgbéyàwó mu.

Orí ìwé tí mo fún ẹni tó bá mi ṣe lébẹ̀lì, mo kọ ọ́ dáadáa pẹ̀lú gbogbo àmì. Ọ̀ọ́dúnrún lébẹ̀lì ni mo ní kó ṣe. Nígbà tí wọ́n dé, kò sí àmì lára ẹyọ kan. Ó ní ẹ̀rọ àwọn kò lè hun ẹyọ tó kéré bẹ́ẹ̀, pé gbogbo èèyàn ló ń kọ Yorùbá láìfi àmì sí i. Mo gbà. Mo sọ fún ara mi pé ẹni tó bá jẹ́ ọmọ Yorùbá á mọ ohun tí mo fẹ́ sọ. Ibẹ̀ ni mo ti ṣi ẹsẹ̀ gbé, kì í ṣe ẹjọ́ onílébẹ̀lì. Ẹni tó ń gbọ́ mi lẹ́nu lè mọ̀ ọ́n, torí ohùn mi ń gbé e. Ẹni tó ń ka lẹ́tà mẹ́ta yẹn nìkan kò ní ohùn mi lọ́wọ́, ọ̀rọ̀ tó bá kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn ni yóò kà.

Lẹ́yìn ọjọ́ yẹn mo jókòó, mo ka gbogbo ibi tí orúkọ ilé ìránṣọ máa ń gbé. Ó wà lójú fóònù, ní Ínsítágíráàmù, níbi tí orúkọ tí èèyàn fi ń wá ọ kò gbà ju lẹ́tà lásán, nọ́ńbà, ẹyọ àmì ìdánudúró àti ìlà abẹ́ lọ. Ó wà nínú orúkọ àkáǹtì báǹkì tí oníbàárà ń fowó sí. Ó wà lórí ìwé tí àwọn awakọ̀ ń lẹ̀ mọ́ ẹrù tó ń lọ Àbújá. Ó wà nínú ìwé ẹ̀rí ìjọba. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó ń gba ohùn òkè, ohùn ìsàlẹ̀ tàbí ẹyọ abẹ́ lẹ́tà. Lára páálí ṣọ́ọ̀bù mi àti ojú pátákó nìkan ni mo ti lè kọ ọ́ bó ṣe yẹ. Ìyẹn ni pé ìhòòhò ni orúkọ Yorùbá máa ń rìn nínú òwò, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ nígbà gbogbo. Nítorí náà, ìhòòhò rẹ̀ ni ó yẹ kí n kọ́kọ́ yẹ̀ wò.

Mo wá mú ìwé, mo kọ gbogbo ọ̀rọ̀ tó jẹ mọ́ aṣọ tí mo fẹ́ràn, mo sì bọ́ àmì kúrò lára wọn. Ohun tí mo rí bà mí lẹ́rù. Ẹwà di ewa, ẹni tí ebi ń pa á kà á sí ẹ̀wà. Ìró di iro, irọ́ ló sì kọ́kọ́ ń wá sọ́kàn. Àrán, aṣọ àwọn ọba, di aran, bí aràn inú. Ọ̀kọ̀ tí ahunṣọ ń jù láti ọwọ́ ọ̀tún sí ọwọ́ òsì di oko, ẹnì kan á kà á sí oko, ẹnì kan á kà á sí ọkọ, ẹnì kan á kà á sí ọkọ̀. Ẹtù, aṣọ aláró dúdú tó níyì jù lójú mi, di etu, ẹ̀tù ìbọn wà nínú rẹ̀.

Èyí tó dùn mí jù ni òwú. Òwú ni ìpilẹ̀ gbogbo iṣẹ́ náà, láìsí i kò sí òfì. Mo ti ń fojú inú wo lébẹ̀lì funfun tí wọ́n fi òwú búlúù kọ Òwú sí. Ṣùgbọ́n ọ̀rẹ́ mi kan tó ń ta gèlè wo ìwé mi, ó ka lẹ́tà mẹ́ta náà, ó ní, "Fúnmi, owú lo fẹ́ kọ sára aṣọ ìyàwó? Owú orogún?" Mo fa ìlà gba inú rẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

Sányán ni ó wá kù. Bọ́ àmì kúrò lára rẹ̀, yóò di sanyan, kò sì sí ọ̀rọ̀ mìíràn tó jọ ọ́. Gbogbo Yorùbá mọ̀ ọ́n, wọ́n ṣáà ń wí pé sányán ni baba aṣọ. Mo gbà pé mo ti rí i. Mo sọ fún àwọn tó ń bá mi ṣiṣẹ́, inú wọn dùn. Lọ́sẹ̀ kejì ni mo lọ sí Ìṣẹ́yìn lọ gba aṣọ tí mo ní kí wọ́n hun, mo sì sọ ọ́ fún bàbá ahunṣọ tí mo ti ń bá ṣe láti ọdún 2014.

Bàbá náà kò dá mi lóhùn kíákíá. Wọ́n so òwú kan tó já, wọ́n tẹ òfì lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n wá ní, "Ìgbà wo lo ra sányán lọ́wọ́ mi rí?"

Mo tọ́ka sí aṣọ aláwọ̀ bí ìyẹ̀fun àgbàdo sísun tó wà lórí ìkọ́. Wọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́, wọ́n ní àwọ̀ sányán nìyẹn, kì í ṣe sányán. Wọ́n ní sányán gidi, inú ilé tí kòkòrò inú igbó kan ń hun yí ara rẹ̀ ká ni wọ́n ti ń fa òwú rẹ̀. Wọn á sè é, wọn á ran án bí ẹni ń ran òwú, àwọ̀ tí Ọlọ́run dá a ni wọ́n ń fi í sílẹ̀ sí. Iṣẹ́ rẹ̀ pọ̀, òwú náà sì ti wọ́n gan-an báyìí. Èyí tí àwọn ń hun fún mi, òwú ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti pa láró ni. Bákan náà ni àlàárì: sílíkì pupa tí àwọn oníṣòwò ń gbé gba inú aṣálẹ̀ Sàhárà wá ni wọ́n fi ń hun ún láyé àtijọ́, àwọ̀ rẹ̀ nìkan ló kù lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ wa lónìí. Ẹtù nìkan ni a ṣì lè fi òwú lásán àti aró elú ṣe bí wọ́n ti ń ṣe é.

"Bí o bá kọ Sányán sí i lọ́rùn," Bàbá ní, "ọjọ́ tí àgbàlagbà kan tó mọ̀ ọ́n bá fọwọ́ kàn án, irọ́ ni yóò pè ọ́."

Mo ti rí ohun tí màmá kan lè fi lẹ́tà mẹ́ta ṣe. N kò fẹ́ dúró de bàbá tó mọ sányán. Ó yẹ kí n sọ pé kì í ṣe òwú ilé iṣẹ́ ló dùn mí. Aṣọ tí mo ń lò, ọwọ́ ló hun ún, mo sì lè fi hàn: bí o bá yí i sẹ́yìn wàá rí ojú ìránpọ̀ ní ìnṣì mẹ́rin mẹ́rin, ìlà rẹ̀ kì í sì í bá ara wọn mu pátápátá láti ojú kan dé èkejì, nítorí èèyàn ló ń tẹ òfì, ó ń rẹ̀ ẹ́, ó tún ń sinmi. Àwọn ayédèrú tí ẹ̀rọ hun, fífẹ̀ ni wọ́n ń jáde, ìlà ìránpọ̀ ara wọn sì lè jẹ́ yíyà lásán. Iṣẹ́ mi ní òtítọ́ tirẹ̀ tó lè fi yangàn. Orúkọ tó bá pè é ní ohun tí kì í ṣe yóò ba èyí tó jẹ́ jẹ́.

Lọ́yà tí mo bá sọ̀rọ̀ lẹ́yìn náà tún fún mi ní ìdí kejì tí n kò retí. Mo fẹ́ fi orúkọ náà sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àmì òwò kí ẹlòmíì má baà lò ó lára aṣọ. Ó ní òfin àmì òwò Nàìjíríà kì í fẹ́ gba ọ̀rọ̀ tó ń sọ irú ọjà náà tàbí bó ṣe dára tó ní tààrà, kì í sì í fẹ́ gba orúkọ ìlú tàbí orúkọ ìdílé gẹ́gẹ́ bó ṣe wà. Ìdí rẹ̀ yé mi nígbà tó sọ ọ́: bí èmi bá gba Sányán, kí ni ẹni tó ń hun sányán yóò máa pe ọjà rẹ̀? Ìṣẹ́yìn náà ṣubú nìyẹn, mo ti ní in lọ́kàn. Àwọn ahunṣọ ìlú yẹn ló ni orúkọ ìlú wọn, èmi tí mò ń gbé Ìbàdàn kò ní ẹ̀tọ́ láti tì í mọ́lẹ̀kùn. Aṣọ Òkè, Òfì, Ìránṣọ Ìyàwó, gbogbo wọn ló ní àìsàn kan náà. Ọ̀rọ̀ tó ń ṣàpèjúwe iṣẹ́ rẹ tán pátá, ti gbogbo ènìyàn ni.

Àwọn kan ní kí n kúkú lo orúkọ mi. Àpẹẹrẹ rere wà fún un: Shade Thomas-Fahm, tó sọ ìró di síkẹ́ẹ̀tì oní-sípù tó sì ń ta gèlè tí a ti wé sílẹ̀ ní Èkó ní àwọn ọdún 1960, orúkọ ara rẹ̀ ló fi pe ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, Maison Shade. Mo bọ̀wọ̀ fún ìyẹn púpọ̀. Ṣùgbọ́n Fúnmi aránṣọ mẹ́ta ló wà ní àdúgbò mi nìkan, oníbàárà mi kan sì ti fowó iṣẹ́ ránṣẹ́ sí ọ̀kan nínú wọn rí.

Oṣù mẹ́rin kọjá tí mo ń fi aṣọ ránṣẹ́ láìní lébẹ̀lì. Orúkọ tí mò ń wá wà nílé wa ní gbogbo ìgbà yẹn. Ìyá bàbá mi, ọmọ Ìṣẹ́yìn ni wọ́n, ẹ̀gbẹ́ òfì ni wọ́n dàgbà sí. Oríkì wọn ni Àwẹ̀ró. Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ ọ, n kò bi ẹnikẹ́ni léèrè ìtumọ̀ rẹ̀ rí, bí a kì í ti í bi èèyàn léèrè ìdí tí ilé fi ń jẹ́ ilé. Ọjọ́ tí a ń ṣe ìrántí wọn, obìnrin ilé kan ń kì wọ́n, ó ní, "Àwẹ̀ró, ọmọ tí a wẹ̀ tí a ró láṣọ." Mo dìde. Ọmọ tí a wẹ̀, tí a wá ró aṣọ mọ́. Ohun tí wọ́n ń ṣe fún ìyàwó ní àárọ̀ ọjọ́ ìdána gan-an nìyẹn, wọn á wẹ̀ ẹ́, wọn á sì ró o. Kò dárúkọ aṣọ òkè, kò dárúkọ ìgbéyàwó, síbẹ̀ àwọn méjèèjì wà nínú rẹ̀.

N kò jẹ́ kí inú dídùn gbé mi lọ bíi ti àkọ́kọ́. Mo bọ́ àmì kúrò lára rẹ̀, mo kọ AWERO sórí ègé ìwé mẹ́fà, n kò sì sọ ohun tó jẹ́ fún ẹnikẹ́ni. Mo fún màmá arúgbó tó ń ta ẹ̀kọ lójú ọ̀nà wa. Wọ́n kà á, wọ́n ní, "Àwẹ̀ró. Ta ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀?" Ọmọdé kan tó wà ní kíláàsì kẹta girama kò mọ oríkì náà, ó kà á ní ohùn àárín gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n kò rí ọ̀rọ̀ burúkú kankan fà yọ nínú rẹ̀. Mo fún aláàárù ọmọ Hausa tó ń gbé ẹrù aṣọ wa, ó pè é geere, nítorí kò ní gb tàbí p tó máa ń dí ẹni tí kì í ṣe Yorùbá lẹ́nu. Mo fi ránṣẹ́ sí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ní Lọ́ńdọ̀nù pé kó fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ òyìnbó. Ohùn tó fi pè é kò tọ̀nà, ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbọ́ ọ lè kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe yẹ kó sì rí wa. Èyí ṣe pàtàkì fún mi, torí ẹnu ọ̀rẹ́ ìyàwó ni oníbàárà mi tó wà lókè òkun ti máa ń gbọ́ wa, kì í ṣe ojú ìwé.

Ìdánwò tó kẹ́yìn ni mo fẹ́ràn jù. Àǹtí mi kan ń ṣe alága ìjókòó. Iṣẹ́ wọn ni láti dárúkọ gbogbo ẹni tó lọ́wọ́ nínú ìnáwó náà sórí ẹ̀rọ gbohùngbohùn, láàárín ariwo àti orin. Mo ní kí wọ́n bá mi pè é níbi ìdána kan tí wọ́n ń lọ. Mo jókòó sí ẹ̀yìn pátápátá, lẹ́bàá jẹnẹrétọ̀. Wọ́n ní, "Ta ló rán aṣọ fún ìyàwó wa? Àwẹ̀ró ni!" Onígángan tó dúró tì wọ́n gbà á lẹ́nu wọn láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni sọ fún un: dò, dò, mí. Ó lù ú lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Orúkọ tó lọ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì tó wá gòkè lópin, ìlù ń rí i mú. Mo rántí Ọ̀ṣọ́, tó jẹ́ pé ègé méjì péré ni. Kí ìlù tó bẹ̀rẹ̀ ni ó ti ń parí.

Ọ̀rọ̀ ìjọba kò pẹ́ púpọ̀. Ní CAC, àjọ ìjọba tó ń forúkọ òwò sílẹ̀, wọ́n ní kí n mú orúkọ méjì wá, kí wọ́n lè wo èkejì bí àkọ́kọ́ kò bá kọjá. Àkọ́kọ́ mi, Awero nìkan, kò kọjá, wọ́n ní ó jọ orúkọ tó ti wà nílẹ̀. Ó yẹ kí n ti retí rẹ̀, oríkì tí ọ̀pọ̀ ìyá àgbà ń jẹ́ ni. Èkejì, Awero Iranso, kọjá. Wọ́n fi pamọ́ fún mi fún 60 ọjọ́, mo sì parí ìforúkọsílẹ̀ kí ọjọ́ tó pé. Mo rí àwọn aránṣọ tí wọ́n dúró síbẹ̀ pé àwọn ti gba orúkọ. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìwé CAC ń sọ pé o lè fi orúkọ náà ṣòwò, kò dá ẹlòmíì dúró láti hun ún sára aṣọ tirẹ̀. Àmì òwò ni ó ń ṣe ìyẹn, ibòmíràn ni wọ́n sì ti ń ṣe é, lọ́fíìsì àmì òwò ìjọba ní Àbújá.

Ibẹ̀ náà, ìsọ̀rí ọjà ni wọ́n fi ń pín orúkọ. Aṣọ wíwọ̀ wà ní ìsọ̀rí 25, aṣọ tí a kò tíì rán wà ní ìsọ̀rí 24. Mo kọ́kọ́ fẹ́ gba méjèèjì, lọ́yà ní kí n wo ohun tí mò ń tà gan-an. Aṣọ tí mo rán ni, n kì í ta aṣọ òkè lásán, nítorí náà 25 ni mo san owó rẹ̀. Lọ́yà kọ́kọ́ wá inú ìwé wọn wò bóyá ẹnìkan ti ní orúkọ tó jọ ọ́ ní ìsọ̀rí náà, kò sí. Lẹ́yìn tí wọ́n gbà á, wọ́n tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé ìròyìn àmì òwò, oṣù méjì sì ni ẹni tó bá ní ẹ̀sùn fi lè wá sọ ọ́. Kò sí ẹni tó wá. Ọdún 7 ni àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà ni a óò máa sọ ọ́ dọ̀tun fún ọdún 14. Ohun tí mo fi sílẹ̀ kì í ṣe lẹ́tà lásán, mo fi bí a ṣe yà á sí i, pẹ̀lú àmì orí rẹ̀.

Nítorí mo pinnu pé lára aṣọ, níbi tí mo ní agbára, àmì rẹ̀ yóò pé. Mo mọ̀ báyìí ibi tí ìṣòro ti ń wá. Lẹ́tà tó ní ẹyọ abẹ́ nìkan, bíi ẹ, ọ, ṣ, kọ̀ǹpútà ní i lódidi. Ṣùgbọ́n èyí tó ní ẹyọ nísàlẹ̀ tó tún ní ohùn lórí, bíi ẹ̀, wọn kò ṣe é lódidi, ṣe ni wọ́n ń gbé ohùn náà lé e lórí, bí irú lẹ́tà tí o yàn kò bá sì mọ ibi tí yóò gbé e lé, yóò fò sẹ́gbẹ̀ẹ́ tàbí yóò di àpótí kékeré. Àwẹ̀ró ní ẹyọ kan ṣoṣo tó rí bẹ́ẹ̀. N kò fi lẹ́tà ránṣẹ́ mọ́. Mo ní kí ẹni tó mọ àwòrán yíyà fi ọwọ́ ya orúkọ náà, mo fi ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí àwòrán, kí ẹ̀rọ má baà rí lẹ́tà kankan pààrọ̀. Ẹyọ abẹ́ ẹ, a mú un tóbi ju bó ṣe yẹ lọ, nítorí ohun tí kò bá tó fọ́nrán òwú méjì ní fífẹ̀ máa ń pòórá bí ẹ̀rọ bá ń hun ún. Mo ní kí wọ́n ṣe mẹ́wàá péré, kì í ṣe ọ̀ọ́dúnrún. Mo fọ̀ wọ́n, mo lọ̀ wọ́n, mo tún fọ̀ wọ́n. Nígbà tí ẹyọ náà ṣì wà lẹ́yìn ìfọṣọ karùn-ún ni mo tó sanwó ìyókù.

Ó ku ìdílé. Ilé là á wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ, bẹ́ẹ̀ ni mo sì kọ́kọ́ ti fi orúkọ náà sílẹ̀ níbi gbogbo kí n tó rántí pé n kò tíì bi ẹni tó ni í. Mo gbé obì àti páálí ohun mímu méjì lọ bá ẹ̀gbọ́n bàbá mi àgbà ní Ìṣẹ́yìn, èyí tó jẹ́ àkọ́bí Àwẹ̀ró. Mo dọ̀bálẹ̀ ọkàn, mo kúnlẹ̀, mo jẹ́wọ́ pé mo ti ṣáájú ara mi. Mo fún wọn ní lébẹ̀lì kan. Wọ́n yí i síwá sẹ́yìn. Ó pẹ́ kí wọ́n tó sọ̀rọ̀.

"Níbo lo máa ń rán an sí?"

Mo ní ọrùn ni, bí aṣọ náà bá ní ọrùn, ìbàdí ni fún síkẹ́ẹ̀tì àti ṣòkòtò.

Wọ́n ní, "Ti ọrùn, mo fọwọ́ sí i. Ti ìbàdí, rárá. Ẹnikẹ́ni kò ní jókòó lé ìyá mi lórí."

Bó ṣe rí títí di òní nìyẹn. Orúkọ náà wà nínú ọrùn gáùn, bùbá, jákẹ́ẹ̀tì àti agbádá ọkọ ìyàwó. Kọ́sẹ́ẹ̀tì tí kò ní ọrùn, òkè àyà ní inú ni a ń rán an sí. Ní ti síkẹ́ẹ̀tì, ìró àti ṣòkòtò, bàbá ahunṣọ mi ló bá mi wá ọ̀nà rẹ̀. Wọ́n ń hun ìlà tín-ín-rín mẹ́ta sí etí tẹ́ẹ́rẹ́ tí a fi ń ṣe bẹ́líìtì inú, méjì búlúù aláró sún mọ́ra, ẹ̀kẹta pupa ga sókè díẹ̀: dò, dò, mí. Àwọn oníbàárà tó ti mọ̀ ọ́n máa ń yí ìbàdí síkẹ́ẹ̀tì sẹ́yìn lọ́jọ́ tí wọ́n bá wá gba aṣọ, wọn á fi ìka pa ìlà mẹ́ta náà kí wọ́n tó kó o sínú àpò.